Bí mo ṣe gba owó mi padà lórí tẹlifíṣọ̀n tó ti fọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi

Ní ọdún 2022, mo ra bílẹ́ńdà kan lórí ayélujára ní ₦31,000. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé jọ́ọ̀gì onígíláàsì rẹ̀ ti là láti ìdí títí dé ibi tí wọ́n ń dì mú. Mo gbé e lé orí tábìlì ìdáná, mo ya fọ́tò kan ṣoṣo, mo fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó tà á fún mi, mo sì lọ sùn bí ẹni tó ti gba owó rẹ̀ tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa ní òun ń wá páálí tí òun yóò máa to búrẹ́dì sí, mo sì gbé èyí tí bílẹ́ńdà wọ̀ wá fún un. Ní ti fóòmù funfun inú rẹ̀, kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé ni àwọn ọmọ ilé ti rún un wómúwómú.

Lọ́jọ́ kẹta ni èsì dé. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n bá mi kẹ́dùn, wọ́n sì ní kí n fi fọ́tò páálí àti ohun tí wọ́n fi dì í ránṣẹ́, kí àwọn lè mọ ibi tó ti fọ́. Mo sáré tọ ìyá oníbúrẹ́dì lọ. Òróró ti mu ìdí páálí, ìwé àdírẹ́sì tó wà lára rẹ̀ ti ya dànù, wọ́n sì ti fi ọ̀bẹ gé ìderí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Mo yà á bẹ́ẹ̀, mo fi í ránṣẹ́, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀. Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé olè ni wọ́n. Nígbà tí ara mi wálẹ̀ ni mo tó gbà pé ìbéèrè wọn tọ́. Fọ́tò mi fi hàn pé jọ́ọ̀gì fọ́. Kò fi hàn pé kì í ṣe ọwọ́ mi ló ti bọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn, ìyẹn ibi tí ọjà ti fọ́, ni gbogbo ọ̀rọ̀ owó gbígbà padà rọ̀ mọ́. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Èkó kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo tú ẹrù, kò mọ̀ mí rí, ó sì ti rí àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn fọ́ nǹkan tí wọ́n tún wá ń béèrè owó. Ohun tó lè fi dá èmi àti wọn yàtọ̀ kò sí lára ọjà tó fọ́ rárá. Ara páálí ló wà, àti lára fóòmù, àti lára téèpù tí wọ́n fi lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ẹ̀kọ́ ₦31,000 nìyẹn, òun ló sì ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí èyí tó tóbi jù ú lọ dé.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, mo ra tẹlifíṣọ̀n oníwọ̀n ínṣì 43 lórí ayélujára. Iye rẹ̀ jẹ́ ₦285,000, owó tí wọ́n gbà láti gbé e láti Èkó wá sí Òṣogbo sì jẹ́ ₦6,500. Káàdì báńkì ni mo fi san án. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, dírẹ́bà pè mí pé òun ti wà níwájú ilé. Nígbà tó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, mo rí i pé ńṣe ni páálí tẹlifíṣọ̀n mi dùbúlẹ̀ gbalaja, tí wọ́n sì to páálí mìíràn lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ àmì wà lára páálí náà gedegbe: ọfà méjì tó kọjú sókè, àti àwòrán ife onígíláàsì. Ọfà yẹn ń sọ pé kí wọ́n gbé e dúró ni. Tẹlifíṣọ̀n ìsinsìnyí fẹ́lẹ́, gíláàsì inú rẹ̀ sì tinrin. Bí ó bá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, férémù rẹ̀ ló ń gbé ìwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dùbúlẹ̀ tí ẹrù sì wà lórí rẹ̀, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò ni àárín rẹ̀ ń tẹ̀. Kí n tó ronú pé kí n yà á bó ṣe dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, dírẹ́bà ti fà á jáde. Fọ́tò yẹn ni mo pàdánù, ó sì dùn mí títí ọ̀rọ̀ náà fi parí.

Mo rí i pé igun ìsàlẹ̀ páálí ní ọwọ́ òsì ti tẹ̀ wọlé. Dírẹ́bà na ìwé sí mi pé kí n buwọ́ lù ú.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n tú u wò ná."

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ibi mẹ́fà ni mo ṣì máa dé kílẹ̀ tó ṣú. Ìwé yìí ò ju pé mo gbé e dé lọ."

Ó ní ìwé náà kò ju pé òun gbé e dé lọ, ṣùgbọ́n mo ti rí gbólóhùn kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ sí òkè ibi ìbuwọ́lù, pé ẹni tó buwọ́ lù ú gba ẹrù "ní ipò tó dára". N kò bá a jà, torí kì í ṣe òun ló tà á fún mi. Mo gba bírò rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ mi pé: "Igun ìsàlẹ̀ páálí lọ́wọ́ òsì ti tẹ̀. N kò tíì yẹ inú rẹ̀ wò." Mo kọ aago sí i, mo buwọ́ lù ú, mo sì ya fọ́tò ìwé náà kí n tó dá a padà. Ẹni tó bá kọ̀ láti gba ẹrù rárá nítorí pé páálí rẹ̀ bàjẹ́ kò ṣe àṣejù, àmọ́ nígbà tí mo ti sanwó tán, mo rò pé ó sàn kí ọjà náà wà lọ́wọ́ mi ju kó tún lọ sùn sínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹlòmíràn lè yan tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ohun tí n kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni ni pé kó buwọ́ lu ìwé lásán láìkọ nǹkan kan sí i.

Mo pe àbúrò mi obìnrin pé kó wá fi fóònù rẹ̀ ká mi sínú fídíò. Mo ní kó má ṣe dáwọ́ dúró, bí ó ti wù kó gùn tó, torí fídíò tí wọ́n bá gé sí méjì, ohun tí ẹni tó ń wò ó yóò kọ́kọ́ béèrè ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara ìwé àdírẹ́sì tó wà lára páálí, ó sún mọ́ ọn títí orúkọ mi àti nọ́ńbà ẹrù fi hàn ketekete. Lẹ́yìn náà ló yí páálí náà ká, ojú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí kan ìdí rẹ̀ tí àwa méjèèjì jọ gbé sókè díẹ̀. Ó dúró pẹ́ lórí igun tó tẹ̀, ó sì tún dúró lórí téèpù, kó lè hàn pé kò sẹ́ni tó tíì ṣí i. Nígbà náà ni mo wá fi ọ̀bẹ la ẹnu téèpù. Mo rọra là á ni, n kò fa ohunkóhun ya, bẹ́ẹ̀ ni n kò fi ọ̀bẹ kan ibi tí ìwé àdírẹ́sì wà.

Ohun tó ya èmi fúnra mi lẹ́nu wà lára fóòmù. Fóòmù tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ní ọwọ́ òsì, ní ibi tí páálí ti tẹ̀ gan-an, ti dá sí méjì, ẹ̀rún rẹ̀ sì wà nílẹ̀ páálí bí ìyẹ̀fun gaàrí. Mo ní kí àbúrò mi mú fóònù lọ síbẹ̀ kí n tó gbé tẹlifíṣọ̀n jáde. Bí mo bá ti kọ́kọ́ gbé tẹlifíṣọ̀n jáde ni, wọn ì bá sọ pé èmi ni mo dá fóòmù nígbà tí mo ń fà á.

Nígbà tí a gbé e dúró tí a sì bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo fi ìka pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń dán, kò sí ibi tó họ. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a dúpẹ́, kò ṣe é." Mo ki wáyà rẹ̀ bọ iná, mo tẹ̀ ẹ́, àwọn ìlà dúdú sì là káàkiri láti igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, àwọn ìlà aláwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ewé sì dúró ṣánṣán láti òkè délẹ̀ ní apá ibẹ̀. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ohun tí ọwọ́ ń kàn lójú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n jẹ́ awẹ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí gíláàsì. Gíláàsì tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè fọ́ kí awẹ́ náà má sì já. Nítorí náà, ẹni tó bá gba tẹlifíṣọ̀n, tó rí i pé ojú rẹ̀ ń dán, tó gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn di ọjọ́ tí káfíńtà yóò wá kàn án mọ́ ògiri, ó lè jẹ́ pé òkú tẹlifíṣọ̀n ló ń tọ́jú, ọjọ́ tí wọ́n fún un láti dá a padà yóò sì ti kọjá. Ọjọ́ méje péré ni àwọn tó ta tèmi fún mi láti dá a padà.

Fídíò náà gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wá ya fọ́tò, torí fídíò gùn, ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ ogójì oníbàárà lọ́jọ́ kan kò ní wò ó tán bí fọ́tò kò bá ti kọ́kọ́ mú un lọ́kàn. Mẹ́sàn-án ni mo yà tí mo sì lò. Àkọ́kọ́ ni ìwé àdírẹ́sì. Ìkejì ni odindi páálí láti ọ̀kánkán kó lè hàn pé igun tó tẹ̀ jẹ́ ti páálí yẹn, torí bí ènìyàn bá ya igun nìkan ní ìsúnmọ́sí, igun páálí èyíkéyìí ni wọ́n lè pè é. Ìkẹta ni igun yẹn ní ìsúnmọ́sí pẹ̀lú rúlà onígi tí mo gbé tì í. Ibi tó tẹ̀ wọlé jìn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Ìkẹrin ni ọfà àti àwòrán ife. Ìkarùn-ún ni fóòmù tó dá, tí mo gbé padà sí ipò tó wà nínú páálí. Ìkẹfà àti ìkeje ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ tẹlifíṣọ̀n: ọ̀kan láti ẹ̀yìn rẹ̀, èkejì láti ara páálí, kí wọ́n lè rí i pé bákan náà ni méjèèjì, pé n kò gbé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan sínú páálí tuntun. Ìkẹjọ ni ojú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí iná wà nínú rẹ̀, ìkẹsàn-án sì ni nígbà tí mo pa á.

Ìkẹsàn-án yẹn le díẹ̀. Bí iná fóònù bá kọ mànà sí ojú tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pípa, ìmọ́lẹ̀ funfun nìkan ni yóò hàn. Mo fa kọ́tìnì, mo pa iná kámẹ́rà, mo ní kí àbúrò mi tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọra gbá ojú náà kọjá, ibi tí gíláàsì ti là sì yọ bí okùn irun. Mo tún rí i pé ibi tí gbogbo ìlà náà ti pàdé kò sí ní àárín. Etí férémù ló wà, ní igun kan náà tí páálí ti tẹ̀, tí fóòmù sì ti dá. Bí nǹkan bá gbá tẹlifíṣọ̀n lójú nínú ilé, bíi kí ọmọ ju bọ́ọ̀lù tàbí rìmóòtù lù ú, ojú ibi tí nǹkan náà ti bà á ni ìlà yóò ti máa là jáde. Èyí tó ti etí wọlé láti igun, lẹ́yìn páálí tó tẹ̀ ní igun kan náà, ìtàn tirẹ̀ yàtọ̀. Báyìí gan-an ni mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó tà á fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ kún un, torí ó ti ba ẹjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Wátsáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́, ó sì máa ń yọ ọjọ́ àti aago tí fóònù kọ sínú rẹ̀ kúrò. Bí ènìyàn bá fẹ́ kí fọ́tò dé bí ó ṣe wà, kó má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Kó tẹ `Document`, kó sì mú un láti ibẹ̀. Èmi fi tèmi ránṣẹ́ nínú ímeèlì, mo sì fi àwọn ojúlówó sílẹ̀ lórí fóònù láìgé wọn, láìkọ nǹkan sí wọn lára. Àbúrò mi ti fẹ́ fi pupa yí ibi tó là ká kó lè hàn. Mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀dà, kó má fọwọ́ kan ojúlówó.

Nígbà tí mo ṣí ojúewé tí wọ́n ti ń béèrè pé kí ni ìdí tí a fi ń dá ọjà padà, mo rí ìdí mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n to síbẹ̀. Ọ̀kan ni `Item not working`, òmíràn sì ni `Item arrived damaged`. Lójú ẹni tí inú ń bí, ọ̀kan náà ni méjèèjì, torí tẹlifíṣọ̀n tó fọ́ kò kúkú ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjèèjì kò jọ gba ibì kan lọ. Èyí àkọ́kọ́ ń gbé ọ̀rọ̀ lọ bá àwọn tó ṣe ọjà, lábẹ́ wáráńtì, wáráńtì sì sábà máa ń sọ pé àwọn kò dá sí ohun tó bá fọ́. Àbùkù láti ilé iṣẹ́ nìkan ni tàwọn. Èyí èkejì ni ọ̀rọ̀ àárín èmi àti ẹni tó gba owó mi. Mo mú èkejì, mo sì ṣọ́ra nínú lẹ́tà mi kí n má kọ ọ́ níbikíbi pé "kò ṣiṣẹ́". Ohun tí mo kọ ni pé ó dé ní fífọ́.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ lẹ́tà náà, kò sì gùn. Mo kọ nọ́ńbà ẹrù, ọjọ́ àti aago tó dé, iye tí mo san àti ọ̀nà tí mo gbà san án. Mo ní páálí dé pẹ̀lú igun tó tẹ̀, pé mo kọ ọ́ sí ìwé dírẹ́bà kí n tó buwọ́ lù ú, pé fóòmù igun kan náà dá, pé ojú tẹlifíṣọ̀n là láti igun kan náà. Mo to fọ́tò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tẹ̀ lé e pẹ̀lú nọ́ńbà, kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lè tọ́ka sí fọ́tò tirẹ̀. Ní ìparí, mo sọ ohun tí mo ń fẹ́: owó mi pé, ₦291,500, títí kan owó ìgbéwá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo fi ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n dá mi lóhùn pé wáráńtì kò kan ojú tẹlifíṣọ̀n tó fọ́. Mo ti retí rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ajé, mo kọ̀wé padà pé n kò mẹ́nu kan wáráńtì rárá. Mo tọ́ka sí òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti Nàìjíríà, èyí tó ń jẹ́ òfin ọdún 2018, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019. Abala 122 rẹ̀ sọ pé bí oníbàárà kò bá ní àǹfààní láti yẹ ọjà wò kí wọ́n tó gbé e wá, tí ọjà náà kò sì rí bí ó ṣe yẹ kó rí gẹ́gẹ́ bí àdéhùn títà, ó lè kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu, kó dá a padà, kó sì gba owó rẹ̀ pé. Òfin náà kò dá iye ọjọ́ fún "àkókò tó bọ́gbọ́n mu" yẹn ní abala náà, ìdí nìyẹn tí kíkọ̀wé lálẹ́ ọjọ́ tí ọjà dé fi dára. Mo fi kún un pé bí n kò bá gbọ́ láti ẹnu wọn láàárín ọjọ́ márùn-ún iṣẹ́, n óò gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ tí òfin kan náà dá sílẹ̀. N kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ka ímeèlì kì í ṣe ẹni tó to ẹrù lé tẹlifíṣọ̀n mi lórí.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n gbà. Wọ́n ní àwọn yóò wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì, kí n dì í bó ṣe wà.

Àǹfààní kejì tí páálí ní wá hàn níbí. Láti Ọjọ́bọ̀ tí tẹlifíṣọ̀n ti dé ni gbogbo ohun tó bá a wá ti wà nínú yàrá mi: páálí, fóòmù méjèèjì àti èyí tó dá, ọ̀rá, rìmóòtù, bátìrì rẹ̀ tí n kò tíì tú, ẹsẹ̀ méjèèjì, síkúrúù mẹ́rin inú ọ̀rá kékeré, ìwé ìtọ́sọ́nà, àní téèpù tí mo là, ó ṣì wà lára páálí. Bí ọ̀kan bá dín níbẹ̀, wọ́n lè yọ owó rẹ̀, tàbí kí wọ́n ní ọjà náà kò pé. Àti pé bí n kò bá ní fóòmù, kí ni n óò fi dì í? Ohun tí mo bá fi dì í tí kò bá gbà á dáadáa, yóò tún fọ́ sí i lójú ọ̀nà, wọn yóò sì wá máa sọ pé ibi tó fọ́ pọ̀ ju ti inú fọ́tò mi lọ. Mo tún ya fídíò nígbà tí mo ń kó o padà sínú páálí, mo fi téèpù tuntun lẹ ẹnu rẹ̀, mo sì buwọ́ lu orí téèpù náà kí ìbuwọ́lù mi lè fẹsẹ̀ kan lára páálí, kan lára téèpù. Dírẹ́bà tó wá gbé e, tí kì í ṣe ti àkọ́kọ́, rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà ti di kọ́sítọ́ọ̀mù." Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbé e lọ. Bí kò bá sí ìwé yẹn, ọjà ti lọ, owó kò dé, ẹ̀rí kò sì sí lọ́wọ́ mi mọ́ àfi fọ́tò.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí wọ́n gbé e, wọ́n kọ̀wé pé àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn sì ti fi fáúṣà ₦285,000 sínú àkántì mi lórí ìkànnì wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wọn lè gbà á. Èmi kò fẹ́ ra ohunkóhun lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn, iye tẹlifíṣọ̀n náà sì ti fò sókè lórí ìkànnì wọn, fáúṣà náà kò lè rà á mọ́. Mo kọ ọ́ sí wọn pé owó ni mo san, owó ni mo ń béèrè, sí orí káàdì tí mo fi san án. N kò tẹ ohunkóhun lórí fáúṣà náà, torí mo ti kà á nínú àlàyé wọn pé ẹni tó bá ti lò ó, ó ti gbà á nìyẹn. Ọdún Àjíǹde bọ́ sí àárín, ọ́fíìsì wà ní títì láti ọjọ́ Ẹtì di Ọjọ́ Ajé, owó náà sì wọlé ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin: ₦285,000. Owó ìgbéwá kò sí níbẹ̀. Mo tún kọ lẹ́tà ìlà mẹ́ta, mo so rìsíìtì tó fi ₦6,500 hàn mọ́ ọn, ó sì dé ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ká ní wọ́n kọ̀ pátápátá ni, mo ṣì lè lọ sí báńkì mi láti ta ko owó tí wọ́n yọ lórí káàdì náà, ọ̀nà tí kò rọrùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá ti inú àkántì rẹ̀ tiránsífà lọ sí àkántì ẹlòmíràn, torí òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi owó ránṣẹ́. Nǹkan kan tún wà tí ì bá ba ẹjọ́ mi jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ká ní èmi ni mo rán ọlọ́kọ̀ tèmi lọ gbé e ní Èkó. Nígbà náà, wọn ì bá sọ pé lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ mi ló ti fọ́, fọ́tò mi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yóò sì máa jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ wọn. Ọlọ́kọ̀ tí ẹni tó tajà fúnra rẹ̀ yàn ni mo jẹ́ kó gbé e, mo sì san ₦6,500 fún un. Àbúrò mi ti sọ nígbà yẹn pé ọ̀rẹ́ òun kan ń bọ̀ láti Èkó tí yóò gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ti ra bílẹ́ńdà mìíràn báyìí, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò fọ́, ó ń lọ ata dáadáa. Páálí rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóòmù rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fún mi láti dá a padà sì ku méjì. Ìyá oníbúrẹ́dì ti béèrè rẹ̀ lánàá. Mo ní kó dúró di ọjọ́ Ẹtì.